Orúkọ Òkú Nínú Ẹ̀rọ

Láti ìgbà tí Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, òru inú ìtàn àròsọ Yorùbá ti di ti iwin àti ọdẹ. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó la ọ̀nà mìíràn. Nínú òru tirẹ̀, gbogbo ipasẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín, iṣẹ́ Lápàdé sì ni láti wá a rí. Ìtàn kúkúrú tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín dúró sí oríta àwọn ọ̀nà méjèèjì yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níwèé ló kọ ọ́. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ràímì ni olú ẹ̀dá ìtàn. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkejà, níbi tó ti ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ó máa ń ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀, ìyẹn ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ẹni tó wọlé, ibi tó gbà wọlé àti àkókò tó wọlé. Ní oṣù keje ló ṣàkíyèsí pé ìlà kan ń padà wá lóròòru ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ni ti Délé, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó kú nínú oṣù karùn-ún. Ràímì pa ọ̀rọ̀ aṣínà Délé dà, ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kejì ìlà náà tún wá. Ó mú un mọ́ra títí di òpin oṣù kẹwàá, nígbà tí ohun tí a rí nísàlẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀:

```
Oct 24 03:10:04 db1 sshd[4127]: Accepted publickey for dele from 10.8.0.6 port 50122 ssh2
Oct 25 03:10:04 db1 sshd[4390]: Accepted publickey for dele from 10.8.0.6 port 41876 ssh2
Oct 26 04:10:05 db1 sshd[4655]: Accepted publickey for dele from 10.8.0.6 port 38904 ssh2
```

Ní òru ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá lọ láìsí nǹkan kan. Ràímì dúpẹ́. Àfi ìgbà tó di wákàtí kan lẹ́yìn náà tí orúkọ òkú tún yọ. Ó gbà pé Délé mọ̀ pé òun ń ṣọ́ ọ. Ó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó jáde, ìtàn sì parí.

Òǹkọ̀wé yìí mọ bí a ti ń dá ẹ̀rù bani. Kò lo igbe, kò lo ẹ̀jẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òtútù yàrá ẹ̀rọ ló lò, ó sì jẹ́ kí ìlà kan náà padà wá títí òǹkàwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago pẹ̀lú Ràímì. Àwítúnwí jẹ́ ọgbọ́n tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn apàlọ́ wa, ó sì lò ó dáadáa. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé ó kó gbogbo ẹ̀rí jọ, kò wá jẹ́ kí Ràímì kà á.

Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ọ̀rọ̀ náà publickey ni kí a kọ́kọ́ wò. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó wọlé kò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Kọ́kọ́rọ́ ló lò, èyí tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ti ń bọ̀, tí ìdajì kejì sì wà nínú fáìlì authorized_keys lábẹ́ orúkọ Délé nínú ẹ̀rọ Ìkejà. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ aṣínà dà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò kan kọ́kọ́rọ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró yóò yọ ìlà kọ́kọ́rọ́ náà kúrò nínú fáìlì. Nítorí náà, ìpadàbọ̀ tó kọ́kọ́ ba Ràímì lẹ́rù kì í ṣe ìyanu rárá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo aago. Kò sí alààyè tó lè jí lóròòru fún oṣù mélòó kan kí ó má fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹ̀. Iṣẹ́ tí a ti là sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nínú crontab ló ń rí bẹ́ẹ̀: a sọ àkókò fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò máa ṣe é títí a ó fi ní kó dáwọ́ dúró. Kí ló wá dé tí àkókò fi yẹ̀ ní wákàtí kan gééré? Ní ojú ewé kìíní, asọ̀tàn ti sọ fún wa pé ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọn a dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni ọjọ́ Àìkú náà bọ́ sí. Láti ọjọ́ yẹn, nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá lù ní Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ní Ìkejà. Délé kò yí àkókò padà. Iṣẹ́ tó là sílẹ̀ fún ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó kú ló ń tẹ̀lé aago ìlú tó wà.

Àwọn Yorùbá ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí Ràímì ti ń ronú gan-an nìyí. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í gba òwe yìí láìwádìí. Ní 1986, àṣìṣe owó tí kò ju sẹ́ǹtì márùndínlọ́gọ́rin lọ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà ní Bẹ́kílì, ní Amẹ́ríkà, ló mú Clifford Stoll bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àlejò kan, títí a fi bá ọkùnrin kan ní ìlú Hánófà, ní Jámánì. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1989. Ohun tó mú ìwé náà dùn ni pé ìtọsẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Ìtàn Ràímì náà ìbá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ní àárín rẹ̀, ìyàwó Délé wá sí ọ́fíìsì láti béèrè owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé dá a lóhùn pé wọ́n ti yọ orúkọ Délé kúrò nínú gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́, kí ó máa lọ. Ìpínrọ̀ kan péré ni òǹkọ̀wé fún obìnrin yìí, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, níhìn-ín ni ọkàn ìtàn náà wà. Orúkọ tí wọ́n ní àwọn ti pa rẹ́ ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn lóròòru. Òkú ṣì ń ṣe iṣẹ́ fún àwọn tó kọ̀ láti san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ràímì nìkan ló ní ẹ̀rí yìí lọ́wọ́. Bí ó bá gbé e kalẹ̀, obìnrin náà rí ohun tó lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n wọn yóò bi Ràímì léèrè ìdí tó fi pa á mọ́ra láti oṣù keje. Bí ó bá yọ kọ́kọ́rọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa ohun ìkẹyìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe láyé. Ìṣòro tó yẹ kí a fi ẹ̀dá ìtàn sí nìyẹn. Iwin kò lè fi í sí i.

Ẹnìkan lè wí pé ìgbàgbọ́ nínú òkú tó ń padà wá jẹ́ tiwa, pé mo ń lé e kúrò nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí iwin bá wọnú ìtàn, ó yẹ kó ṣe ohun tí aago Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣe. Èyí kò ṣe é. Ẹ̀rù nìkan ló dá sílẹ̀, ẹ̀rù náà sì gba Ràímì sílẹ̀ lọ́wọ́ ìpinnu tó yẹ kó ṣe. Kí ìtàn yìí tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, n ó rọ òǹkọ̀wé kí ó mú Ràímì padà jókòó sídìí ẹ̀rọ fún òru kan sí i, kí ó sì jẹ́ kí ó wá nọ́ńbà fóònù ìyàwó Délé.