Èéfín Láti Ìdí Ìkòkò

Iná gáàsì kì í rú èéfín. Bí sítóòfù bá dára, ọwọ́ iná rẹ̀ á ní àwọ̀ aró, ìdí ìkòkò kò sì ní dúdú. Inú wa dùn sí ìyẹn, àfi lọ́jọ́ tí ọkàn bá fà sí jọ́lọ́ọ̀fù òde àríyá, irú èyí tí wọ́n ń fi igi sè lẹ́yìn ilé ní Ọ̀fà nígbà ìgbéyàwó tàbí ọdún Ìjakadì. Ìyá alásè kan wà ní Ọ̀fà tó ń sè é lórí gáàsì fún àwọn ará ilé rẹ̀, tí òórùn èéfín sì ń bẹ nínú rẹ̀ dájú. Mo jókòó ti ìyá náà, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Agolo mílíìkì 6 ni ìrẹsì tó wọ̀n. Ìkòkò irin tí ìdí rẹ̀ nípọn ló gbé kaná, torí pé èyí tó fẹ́lẹ́ á jóná lójú kan, á sì tutù lójú kejì. Kó tó lọ ata, ó gbé tàtàṣé 2 lé ojú iná, ó ń yí wọn títí èèpo wọn fi dúdú. Ó fi ọwọ́ ha èèpo náà kúrò, kò fọ̀ ọ́, ó ní omi á gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ó wá lọ̀ wọ́n mọ́ tàtàṣé tútù, tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà.

Ó dín ata náà pẹ́. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú kí òróró tó léfòó, kí ata tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí kíkan tòmátì sì kúrò. Omi ẹran, kọ́rì, táìmù àti iyọ̀ tẹ̀ lé e. Ìrẹsì tó ti bọ̀ díẹ̀ ló dà sí i, omi ọbẹ̀ náà kò ju ojú ìrẹsì lọ. Ó tẹ́ bébà fóìlì sẹ́nu ìkòkò, ó dé ọmọrí lé e, ó sì dín iná kù.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nídìí ìkòkò, ooru ibẹ̀ kò lè ju ti omi híhó lọ, ohun kan kò sì lè jó débi tí yóò rú èéfín. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ ná. Ìyá náà kì í ṣí ìkòkò wò. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi ṣì wà, ìkòkò ń hó kùtùkùtù. Nígbà tó yá, ìró náà fẹ́lẹ́, ó wá ń ta pàrà pàrà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin na ọwọ́ sí iná láti pa á. "Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó ta," ni ìyá wí. "Ẹ̀yin ìyá mi, kò ní jóná?" "Mo fẹ́ kó jó."

Ó gbé iná sókè díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 3 sí 5, ó sì ń yí ìkòkò náà díẹ̀díẹ̀, torí òrùka ni iná gáàsì, ojú kan náà ló sì máa ń jó. Òróró, ata àti ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló rú èéfín yẹn. Fóìlì kò jẹ́ kó jáde, èéfín náà sì gba àárín ìrẹsì gòkè. Òórùn tó kọ́kọ́ yọ létí ọmọrí dà bíi ti àgbàdo sísun. Bí ó bá ti fẹ́ korò, ó ti pẹ́ jù. Ó pa iná lójú ẹsẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, bọ́tà àti àlùbọ́sà tútù. Òkè nìkan ló ń rò. Kò jẹ́ kí ṣíbí kan ìdí ìkòkò, nítorí bí èyí tó jóná bá dàpọ̀ mọ́ ìyókù, ó di kíkorò.

Jíjóná òjijì yàtọ̀ sí èyí. Tòmátì alágolo tó bá pọ̀ jù, tí iná sì le, máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìrẹsì tó rọ̀. Èéfín á ti dé, ìrẹsì á ṣì le. Ìyá á da òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn láìha ìsàlẹ̀, á fi omi ẹran díẹ̀ parí rẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n kùn nínú kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn kò sì wúlò níbí: kò sí ohun tí yóò lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbígbóná gbígbẹ máa ń ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀yinná èédú sínú abọ́ fóìlì kékeré lórí ìrẹsì, wọ́n á kán òróró sí i, wọ́n á dé e. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òórùn ẹran sísun ló máa ń fún un, lójú tèmi. Ní ti èyí tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, tí àjọ UNẸ́SÌKÒ forúkọ ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ní 2021, ń ha á fún àlejò. Ìyá yìí náà ń ha tirẹ̀, òun nìkan ló sì ń jẹ ẹ́.

Bí àlejò bá pọ̀, kì í sè é sínú ìkòkò ńlá kan. Ìrẹsì tó jìn jù kì í jẹ́ kí èéfín ìsàlẹ̀ dé òkè, ìsàlẹ̀ á sì ti korò kí òkè tó gbóòórùn rẹ̀. Ìkòkò méjì tó mọ níwọ̀n ló ń gbé kaná, ojú gáàsì kọ̀ọ̀kan sì ní etí tirẹ̀ láti gbọ́.