“Inú” Nínú Ìwàásù: Àfiwé Tó Fara Sin àti Ààlà Rẹ̀

Nínú ìwé tí George Lakoff àti Mark Johnson tẹ̀ jáde ní 1980, wọ́n sọ pé àfiwé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ lásán. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ gan-an ni ó ń gbé, a kì í sì í fura sí i. Ẹlédè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé òun “ná” àkókò bí ẹni ná owó. Bí ó bá ń jiyàn, a ní òun gbógun ti èrò ẹnìkejì òun.

Èyí kan oníwàásù Yorùbá, pàápàá nípa ọ̀rọ̀ náà “inú”. A ń sọ pé inú ẹnìkan kún fún ìbànújẹ́, pé ó di ọ̀rọ̀ sínú, pé ó tú u jáde. Inú níhìn-ín dà bí ìkòkò: ohun kan ń wọlé, ó ń kún, ó sì ń jáde. Nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn lọ́nà kan náà, a lè sọ pé àfiwé náà wà láàyè.

Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra. Bí ẹnìkan bá sọ pé “inú mi dùn” fi ayọ̀ wé oúnjẹ aládùn, a ó bi í pé: orin kò ha ń dùn bí? Ọ̀ràn kò ha ń dun ènìyàn, tí ó sì jẹ́ ìrora? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí àfiwé.

Ẹ jẹ́ kí á wo “ìyọ́nú”. Yíyọ́ inú ni, bí òrí ti ń yọ́ nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Mátíù 9:36 lò fún àánú Jésù náà wá láti inú orúkọ ìfun. Orúkọ yìí kan náà ni Ìṣe 1:18 lò fún ìfun Júdásì tí ó tú jáde. Oníwàásù lè sọ nítorí náà pé ìfun Jésù ń rú sókè. James Barr ti kìlọ̀ ní 1961 pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wí pé “Ọlọ́run yọ́nú sí mi” kò ronú nípa ohun tí ń yọ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nígbà náà? Nípa ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nínú Mátíù 14:14, ìwòsàn ni. Nínú Lúùkù 10:33-34, ará Samáríà di ọgbẹ́ ẹni náà. Àánú tí ó mú ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ìfun lè ran ìwàásù lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán, ṣùgbọ́n kí oníwàásù má ṣe fi í ṣe ẹ̀rí ẹ̀kọ́.