Ọkùnrin tí bàlóònù jẹ́ orí rẹ̀

Ní ọdún 2024, àwọn kan tó ń ṣe fíìmù ní ìlú Torónto ní Kánádà, tí wọ́n ń jẹ́ shy kids, gbé fíìmù kékeré kan jáde. Orúkọ rẹ̀ ni air head. Ẹ̀rọ Sora ló ya àwòrán rẹ̀ látinú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un. Sonny, ọkùnrin inú rẹ̀, kò ní orí. Bàlóònù yẹ́lò, rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Lójú tèmi, ọgbọ́n nìyẹn. Sora ìgbà náà kì í rántí ẹni tó ti yà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní kó ya ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mejì, imú rẹ̀ yóò yàtọ̀, òǹwòran yóò sì rò pé ẹlòmíràn ló dé. Bàlóònù kò ní imú. Aṣọ Sonny àti irú bàlóònù náà ni wọ́n ń tún kọ ní kíkún fún ẹ̀rọ.

Síbẹ̀, àwọ̀ bàlóònù ń yí padà. Nígbà mìíràn, ojú èèyàn á yọ lára rẹ̀! Àwọn fúnra wọn ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí wọ́n pa ojú náà rẹ́, tí wọ́n sì tún àwọ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Sora nìkan ló mú Sonny dúró bákan náà kò sọ òtítọ́ tán. Ká ní ìyá arúgbó tó ń sunkún ni wọ́n fẹ́ fi hàn, bàlóònù kò ní gbà wọ́n là.