Ìwé Tó Ń Ṣọ́ Èrè

Ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ka ọjà rẹ̀ lópin oṣù, ní iye tó rà á. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà ₦200,000, ó ra ₦300,000 kún un, ₦150,000 ló kù. Ọjà ₦350,000 ló tà nìyẹn. Pẹ̀lú èrè tó máa ń fi lé ọjà, ₦70,000 ló yẹ kó jẹ, ₦30,000 péré ló rí.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Àwìn ńkọ́? Owó oúnjẹ tí ò ń mú nínú owó ọjà ńkọ́?" Kò kọ ìkankan sílẹ̀.

Ní báyìí, kó tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, á kọ owó tó wọlé, èyí tó jáde, àwìn, àti ohun tó mú fúnra rẹ̀, á sì ka owó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti ìwé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ yìí ni pé bí owó bá dín, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa yẹ̀ wò.