Garawa Wo Ni Ó Ta Nípàá?

Ìwé ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí a kò tíì tẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó túmọ̀ rẹ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ó sì ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá rẹ̀ náà sì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní orí kẹta tí ó fẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé wa, ó pọ̀ lórí rédíò, ó sì pọ̀ nínú sinimá.

Gbólóhùn náà nìyí: "Bàbá Tọ́mù ta garawa nípàá lóru àná, nígbà tí òjò ajá àti ológbò ń rọ̀."

Ẹni tí ó bá ti fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé yóò rẹ́rìn-ín. Yóò mọ̀ pé "kíìkì dì bọ́kẹ́ẹ̀tì" ni àkọ́kọ́, "réènì káàtì àǹdì dọ́ọ̀gì" sì ni èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi etí ìyá àgbà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ. Ohun tí ìyá yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Omi inú garawa náà ńkọ́? Ṣé ó dànù ni?" Kò ní bèèrè òkú, nítorí a kò sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kú. Bí a bá sì yí i padà pé bàbá náà "tàpá sí garawa", a tún bà á jẹ́ sí i ni. Ẹni tí ó bá tàpá sí nǹkan lọ́dọ̀ wa, ó kọ̀ ọ́ ni, ó ṣe orí kunkun sí i. A máa ń tàpá sí òfin, ọmọ a sì máa tàpá sí àṣẹ òbí. Kí ni garawa pa láṣẹ tí bàbá arúgbó kò gbọ́?

Ti òjò tilẹ̀ tún burú jù. Nínú ìtàn àwọn baba wa, kò sí ohun tí kò lè ti ojú ọ̀run já bọ́. Ìyá yóò gbà pé ajá ń já bọ́ lóòótọ́! Yóò máa retí kí a sọ ẹbọ tí ìlú rú, yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ Ògún ti gbé igbá síta láti ṣa ajá ọ̀fẹ́. Òjò lásán ni ẹni tí ó kọ ìwé ń sọ, òun kò sì ní iṣẹ́ ìyanu kankan lọ́kàn.

Ibo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Ti garawa wà nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ ìta tí Fúránsíìsì Gúróòsì tẹ̀ jáde ní 1785. Àwọn kan ní igi àjà tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ pa á ni wọ́n ń pè ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ní apá kan ilẹ̀ wọn, àti pé ẹlẹ́dẹ̀ náà a máa ta igi yẹn nípàá bó bá ń kú lọ. Àwọn mìíràn ní garawa tí ẹni tó fẹ́ pokùnso gun lé ni. Kò sí èyí tí ó fìdí múlẹ̀ pátápátá. Ti òjò, Jónátánì Súwífìtì fi í sí ẹnu àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1738, ìdí tó fi jẹ́ ajá àti ológbò kò sì yé àwọn tó ni èdè gan-an. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, kò rí garawa, kò rí ajá. Ikú ni ó rí, òjò ni ó rí. Ẹni tó bá wá kó garawa lé Yorùbá lọ́wọ́, ohun tí kò sí lọ́kàn ẹni tó sọ̀rọ̀ ni ó kó fún un.

Nígbà tí mo là á yé ọmọ náà, ó ní, "Ó ti yé mi, sà." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó gbé e padà wá. Ó ti tún un kọ báyìí: "Bàbá Tọ́mù jáde láyé lóru àná, nígbà tí òjò ńlá ń rọ̀." Yorùbá ni lóòótọ́. Ìyá àgbà wa yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó tún jókòó, nítorí ibi tí iṣẹ́ ògbufọ̀ ti le gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìtàn náà ṣe lọ. Ọmọ àbúrò Bàbá Tọ́mù ni ó sọ gbólóhùn yìí, ní ilé ọtí, pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ogún bàbá náà. Ọmọbìnrin olóògbé wà ní ẹ̀yìn ògiri, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ baba òun, inú bí i, ó sì lé ọmọkùnrin náà jáde nínú ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti orí kẹrin títí dé òpin ìwé, ìjà yẹn ni a ń jà. Ẹ wá wò ó: bí ọmọkùnrin yìí bá sọ pé bàbá "jáde láyé", kí ni ó ṣe? Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni ó sọ! Olúwarẹ̀ ì bá tilẹ̀ dúró kí ọmọbìnrin náà kí i pé ó ṣeun. Ìtumọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n ó ti yọ ìdí ìjà kúrò nínú ìwé.

Kì í ṣe "kú" nìkan ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn túmọ̀ sí. Ó tún ń sọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ojú tí ó fi ń wo òkú. Wọn kì í sọ ọ́ níbi ìsìnkú, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún opó. Ọ̀rọ̀ àìbìkítà ni. Àwa náà kò ṣaláìní irú rẹ̀, nítorí pé bí ikú ṣe ní ipò lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ní ipò. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà. Àgbà tó dàgbà tó darúgbó a máa papò dà, tàbí kí ó re ibi àgbà ń rè. Onígbàgbọ́ a máa sùn nínú Olúwa. Láti ìgbà tí odidi Bíbélì Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde ní 1884 ni a sì ti ń gbọ́ "jọ̀wọ́ ẹ̀mí" ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Kú" fúnra rẹ̀ wà láàárín, kò bu ọlá, kò sì bu ẹ̀tẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni "gbẹ́mìí mì" wà, àti "ta téru nípàá".

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ tún ti ìkẹyìn yẹn gbọ́: ta téru nípàá. Àwa náà ní ìpàá nínú ikú! Bí ẹ bá sì bi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ pé kí ni téru, wọn yóò máa wo ojú yín, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe wò yín bí ẹ bá bi í pé garawa wo. Ohun tí ó fi yé wa pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà. Ènìyàn lè máa kú lọ fún oṣù mẹ́ta lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ pé ó ń ta garawa nípàá fún oṣù mẹ́ta. Ìṣẹ́jú tí ẹ̀mí bọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Àwa náà kì í sọ pé "ó ti ń ta téru nípàá láti oṣù tó kọjá". Nítorí náà wọ́n bá ara wọn mu ní ìtumọ̀, ní àìbìkítà àti ní àkókò.

Ó ku òjò. "Òjò ńlá" kò burú, ṣùgbọ́n ó tẹ́. A ní láti bi ìtàn pé kí ni òjò náà ṣe. Bó bá jẹ́ pé ó rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ tí kò dá, òjò àrọ̀ìrọ̀dá ni. Bó bá jẹ́ pé agbára rẹ̀ ni ó pọ̀, ọ̀wààrà òjò ni. Bí òjò ṣe pẹ́ tó kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi ajá àti ológbò sọ, bó ṣe le tó ni. Nínú ìwé yìí pẹ̀lú, dókítà kò lè wá nítorí pé kò rí ọ̀nà níwájú rẹ̀. Ọ̀wààrà ni ó yẹ.

Báyìí ni a ṣe wá fi gbólóhùn náà sílẹ̀: "Bàbá arúgbó yẹn ti ta téru nípàá lóru àná, inú ọ̀wààrà òjò yẹn náà ni." Ní ojú-ewé kejì, nígbà tí ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí àlùfáà, ó ní, "Bàbá mi ti papò dà." Ẹni tó bá ka méjèèjì tẹ̀lé ara wọn yóò mọ ẹni tó fẹ́ràn bàbá, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kò wá sí èyí tí a lè tú lẹ́yọ lẹ́yọ ni? Ó wà. "Fi òkò kan pa ẹyẹ méjì" ti di tiwa, nítorí pé ọmọ oko tó ti sọ òkò rí mọ ohun tí ó jẹ́, kò sí ohun tí a ní láti là yé e. Nínú Bíbélì náà, ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń da màlúù tó ń túlẹ̀ ni a sọ fún Sọ́ọ̀lù pé ó ń ta nípàá. A kì í fi màlúù túlẹ̀ níhìn-ín, àwọn ògbufọ̀ sì fi ẹ̀gún rọ́pò ọ̀pá. Wọ́n pa ìpàá mọ́, nítorí pé tàpá sí ti ní orí kunkun nínú tẹ́lẹ̀, ẹ̀gún sì mú ìrora wá. Ibi tí àwòrán bá ti lè dá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà. Sinimá apanilẹ́rìn-ín kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, níbi tí ọkọ̀ ọkùnrin kan ti já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ó sọ ibi tó ri owó mọ́ fún àwọn tó sáré wá bá a, bó sì ṣe ń kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ta garawa gidi kan, garawa náà sì yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rín Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń rí garawa lójú. Bí a bá kọ "ó kú" sísàlẹ̀ àwòrán yẹn, ẹ̀rín parí. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "ó ti ta téru nípàá", ẹsẹ̀ tó gbéra yẹn bá ọ̀rọ̀ mu, ìdajì ẹ̀rín náà yóò sì kù fún wa. Ìdajì yòókù, garawa ni ó gbé e lọ.

Ọmọ náà ti gba ìwé rẹ̀ lọ. Orí kẹfà ni ó wà báyìí, níbi tí ẹnìkan ti "tú ológbò sílẹ̀ nínú àpò". Mo ní kí ó má tíì wá bá mi. Kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àṣírí ni ó tú, tàbí aṣọ ni ó ṣí lójú eégún, kí ó sì wo ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.