Ìwé Owó àti Sitétímẹ́ǹtì Báńkì

Ọwọ́ méjì ló ń kọ owó kan náà sílẹ̀: akọ̀wé oníṣòwò ń kọ ọ́ sínú lẹ́jà, báńkì sì ń kọ ọ́ sínú sitétímẹ́ǹtì. Ọjọ́ tí kálukú kọ ọ́ lè má dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí kò sì dọ́gba rárá. Owó tó wọlé wà ní ọwọ́ òsì nínú lẹ́jà, nítorí ohun ìní oníṣòwò ni. Ní báńkì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń kọ owó yẹn sí, torí gbèsè tí báńkì jẹ oníbàárà rẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò máa fi ìwọlé wé ìjáde títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ká mú ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ìjurin-Èkìtì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kòkó lọ sí ìlú ńlá, ó sì ń fi tránsífà san ti àgbẹ̀ àti ti ọkọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́jà rẹ̀ sọ pé ₦612,450 ló kù ní báńkì. Sitétímẹ́ǹtì ní ₦706,720.70 ni. Owó báńkì fi ₦94,270.70 ju ti ìwé lọ. Ìyàlẹ́nu tó dùn létí nìyí, àmọ́ òun gan-an ló léwu jù, nítorí ẹni tó bá ná owó tó rí lójú fóònù lè ná owó ẹlòmíràn.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti wo ìyókù ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bí ìyàtọ̀ bá ti wà láti ìparí oṣù kẹsàn-án, ìdí rẹ̀ kò sí nínú oṣù kẹwàá, àṣedànù sì ni wíwá a níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìwé méjèèjì bẹ̀rẹ̀ oṣù ní iye kan náà. Inú oṣù yìí nìkan ni iṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn èyí, akọ̀wé á mú bírò pupa, á máa ka sitétímẹ́ǹtì láti òkè wá sílẹ̀, á sì máa fàmì sí ara ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá rí ẹnìkejì rẹ̀ nínú lẹ́jà. Iye owó nìkan kò tó fún àmì. Ó gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí owó lọ sí pẹ̀lú, nítorí àgbẹ̀ méjì lè gba ₦40,000 ní ọjọ́ kan. Àwọn ìlà tí kò gba àmì níkẹyìn ni ìdí ìyàtọ̀.

Èyí tó máa ń rọrùn jù nínú wọn ni owó tí báńkì fúnra rẹ̀ yọ, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú lẹ́jà. Ogójì kọ́bọ̀, àádọ́rin kọ́bọ̀ àti irú wọn ló ń tú u fó, torí kò sí àgbẹ̀ tó ń ta kòkó ní kọ́bọ̀. Ní àkókò yẹn, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí báńkì gba ₦50 lórí tránsífà tó bá ju ₦50,000 lọ, àti ₦25 lórí èyí tó bá ju ₦5,000 lọ títí dé ₦50,000. Owó-orí ọjà ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún gun orí rẹ̀, ó wá di ₦53.75 àti ₦26.88. Oníkòkó yìí ṣe tránsífà ńlá mẹ́rìnlá àti kékeré mẹ́wàá, iye rẹ̀ jẹ́ ₦1,021.30. Owó ìjọba, tí òfin ìnáwó ọdún 2020 gbé kalẹ̀, jẹ́ ₦50 nígbà náà lórí owó tó bá wọlé láti ₦10,000 lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wọlé, ₦300 nìyẹn. Owó ìtọ́jú àkáǹtì, náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó jáde, jẹ́ ₦2,240 fún ₦2,240,000, pẹ̀lú owó-orí ₦168. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,729.30. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú lẹ́jà, ìyàtọ̀ á di ₦98,000 géérégé. Kọ́bọ̀ ti lọ, akọ̀wé sì mọ̀ pé ọwọ́ ti kúrò lórí owó báńkì.

Ìyàtọ̀ àkókò ló kàn. Sọ̀wédowó ₦180,000 tí wọ́n fún onílọ́rì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, báńkì kò tíì rí i. Sọ̀wédowó ₦95,000 tí oníbàárà kan san, tí wọ́n gbé lọ báńkì ní ọjọ́ 31, yóò di owó lọ́jọ́ kejì. Lẹ́jà tọ̀nà lórí méjèèjì, báńkì ló ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Yíyọ ₦85,000, tó jẹ́ ìyàtọ̀ sọ̀wédowó méjèèjì, kúrò nínú ₦98,000 ṣẹ́ ₦13,000 kù.

Ibí ni iṣẹ́ yìí ti ń dùn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ìṣirò mọ̀ pé bí akọ̀wé bá yí nọ́ńbà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ padà, tó kọ 69 dípò 96, ìyàtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́sàn-án pín. Wọ́n tún mọ̀ pé bí ó bá kọ owó kan sí ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, ìdajì ìyàtọ̀ ni owó náà gan-an. Ṣùgbọ́n ₦13,000 kò ṣeé fi mẹ́sàn-án pín, kò sì sí ₦6,500 nínú ìwé kankan. Ọgbọ́n méjèèjì já síbi òfo, nítorí wọ́n gbà pé àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá ń wá ₦13,000 kiri kò ní rí i, torí kò sí níbì kankan.

Àmì pupa ló yanjú rẹ̀. Ìlà kan nínú lẹ́jà sọ pé wọ́n san ₦69,000 fún àgbẹ̀ kan. Sitétímẹ́ǹtì sọ pé ₦96,000 ni, ní ọjọ́ kan náà, sí orúkọ kan náà. Rìsíìtì òṣùwọ̀n ní kílò 12 ní ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, báńkì ló tọ̀nà. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦27,000, mẹ́sàn-án sì pín in wẹ́kú. Èkejì ni tránsífà ₦40,000 tí kò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, akọ̀wé sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Báńkì náà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ìlà kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní `REVERSAL`, tí wọ́n fi dá ti àkọ́kọ́ padà tòun ti owó tí wọ́n yọ lórí rẹ̀. Ìlà ìdápadà yẹn kò sí nínú lẹ́jà. Àṣìṣe kan gbé owó ìwé ga ju bó ṣe yẹ, èkejì fà á wálẹ̀, wọ́n sì bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Lẹ́jà nìkan ni wọ́n máa tún kọ: wọ́n á yọ ₦3,729.30 àti ₦27,000, wọ́n á fi ₦40,000 kún un, á di ₦621,720.70. Ti báńkì náà, lẹ́yìn ìyọkúrò ₦180,000 àti àfikún ₦95,000, á bọ́ sí iye kan náà. Sọ̀wédowó méjèèjì kò nílò àkọsílẹ̀ tuntun. Orí ìwé ìfiwéra ni wọ́n ń wà títí oṣù tó ń bọ̀. Bí ti onílọ́rì bá pé oṣù mẹ́fà láìdé báńkì, kò níláárí mọ́, wọ́n á sì dá owó rẹ̀ padà sínú lẹ́jà gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́.

Ohun tí ìfiwéra yìí kò lè rí náà wà. Kòkó tí wọ́n tà gba owó ọwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì dé báńkì, kò sí nínú ìwé èyíkéyìí. Kò sì lè rí tránsífà tí iye rẹ̀ pé, tó sì bá lẹ́jà mu, ṣùgbọ́n tó jẹ́ owó kòkó tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá. Fún ìyẹn, ìwé òṣùwọ̀n àti àpò tó wà nínú ilé ìkòkósí ni wọ́n máa kà.