Àkọlé Tó Ń Mú Oníbàárà Ṣí Lẹ́tà

Mo fẹ́ràn télọ̀ tó mọ àkọlé ímeèlì í gé bó ṣe mọ aṣọ í gé. Ẹ jẹ́ ká mú télọ̀ kan ní Ìdànrè, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bọ̀ wálé ọdún láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá kọ “Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà,” ìkíni náà dára, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogójì ààmì nínú àkọlé ni ojú fóònù sábà máa ń fi hàn. Ìkíni á ti gba gbogbo àyè kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ẹ wá wo èyí: “Aṣọ Kérésì: a ń gbaṣẹ́ títí di 30 Nọ́fẹ́ńbà.” Iṣẹ́ ló ṣíwájú, ọjọ́ tẹ̀ lé e. Fún oníbàárà àtijọ́, “Ìwọ̀n yín ṣì wà lọ́wọ́ wa” tún dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí télọ̀ bá ń sún un síwájú, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kó má sì fi iye lẹ́tà tí wọ́n ṣí nìkan yọ̀: láti 2021, Apple Mail lè mú kí lẹ́tà dà bí èyí tí wọ́n ti ṣí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò ó. Àwọn tó fèsì pé àwọn fẹ́ rán bùbá ni kó kà.